Bí a ṣe ń mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ lókè láàárín eré ṣẹ́ẹ̀sì

Ìbéèrè: “Mo fi bíṣọ́ọ̀bù gba rúùkù, ṣùgbọ́n ẹṣin rẹ̀ kan ń fún mi lọ́rùn. Ta ni ọwọ́ rẹ̀ lókè?”

Kíkà ni mo kọ́kọ́ máa ń ṣe: pọ́ọ̀nù 1, ẹṣin àti bíṣọ́ọ̀bù 3, rúùkù 5, ayaba 9. Àmọ́ ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan lè ṣe bí ọ̀nà bá ṣí fún un ni iye wọ̀nyí ń sọ. Nítorí náà, lẹ́yìn kíkà, mo máa ń wo ọmọ kọ̀ọ̀kan, tèmi àti ti ẹnìkejì, láti mọ ojú mélòó ni ó lè lọ tí wọn kò ní jẹ ẹ́.

Ibi tí ó le jù ni mímọ̀ bóyá agbára tí mo rí yóò pẹ́. Mo máa ń fojú inú fún ẹnìkejì ní ìṣísẹ̀ méjì tí ó wù ú. Bí ó bá fi méjèèjì kó ogun rẹ̀ jáde tí ọwọ́ wa sì dọ́gba, a jẹ́ pé kíákíá ni mo gbọ́dọ̀ lo àǹfààní tí mo ní, nítorí kò ní dúró dè mí. Bí kò bá sì rí nǹkan kan ṣe sí i, mo máa ń kà á mọ́ iye ọmọ.

Eré tí ó là mí lójú sí èyí ni ti Reshevsky àti Petrosian ní Súríìkì ní 1953. Petrosian, tí ó ń ta dúdú, wà nínú ìhámọ́, nítorí pọ́ọ̀nù funfun tí ó wà ní d4 àti e5 ti fẹ́ máa rọ́ bọ̀. Ní ìṣísẹ̀ 25, ó gbé rúùkù láti e7 sí e6, níbi tí bíṣọ́ọ̀bù funfun ti lè jẹ ẹ́. Rúùkù náà dí ọ̀nà pọ́ọ̀nù, ó sì ṣí e7 sílẹ̀ kí ẹṣin c6 lè gba ibẹ̀ lọ sí d5. Nígbà tí Reshevsky jẹ rúùkù, pọ́ọ̀nù f7 gbẹ̀san ní e6, ó sì di alátìlẹ́yìn d5.

Nínú kíkà, dúdú fi 2 dín. Ṣùgbọ́n ta ni yóò lé ẹṣin yẹn? Pọ́ọ̀nù dúdú ní c4 ti dí pọ́ọ̀nù funfun ní c3 mọ́lẹ̀, pọ́ọ̀nù e5 ti kọjá, bíṣọ́ọ̀bù tí ì bá jẹ ẹ́ sì ti lọ nínú pàṣípààrọ̀. Bíṣọ́ọ̀bù funfun tí ó kù wà ní b2, lẹ́yìn pọ́ọ̀nù tirẹ̀. Ní ìṣísẹ̀ 30, Reshevsky fi rúùkù kan jẹ bíṣọ́ọ̀bù dúdú ní d3, ó dá èrè náà padà, ọ̀mì ni wọ́n sì ta.

Ẹ wò ó bóyá ẹṣin tí ó ń dà yín láàmú wà ní irú ojú bẹ́ẹ̀. Bí pọ́ọ̀nù yín bá lè lé e, tàbí tí ẹ lè ṣí ìlà kan fún rúùkù yín, ọwọ́ yín ṣì wà lókè. Bí ìlà gbogbo bá dí, ẹ fi rúùkù kan jẹ ẹṣin náà kí ó tó ba nǹkan jẹ́, pàápàá bí ẹ óò bá tún rí pọ́ọ̀nù kan gbà lórí rẹ̀.