Ìdè háídírójìn nínú hélíìsì áfà àti ṣíìtì bẹ́tà

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, tó bá jẹ́ ìdè háídírójìn náà ló wà nínú hélíìsì áfà àti ṣíìtì bẹ́tà, ìrísí méjì tí ẹ̀wọ̀n próténì máa ń ní, kí ló mú wọn yàtọ̀?”

Àbúrò mi, ibi tí ìdè náà ti dì mọ́ ni kí o wò. Nínú hélíìsì áfà, ẹ̀wọ̀n ásíìdì àmínò kan ṣoṣo ló lọ́ yípo, tó sì ń di ara rẹ̀ mú. C=O ti ásíìdì àmínò 11 á di N–H ti 15 mú, 12 á di 16 mú, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ. Bí ásíìdì àmínò tó ń jẹ́ próláìnì bá wá bọ́ sí ipò 15, kò ní H lórí N rẹ̀, ìdè yẹn kò sí mọ́, hélíìsì sábà máa ń tẹ̀ níbẹ̀.

Ti ṣíìtì bẹ́tà, ẹ̀wọ̀n ti nà tán, ìdè sì ń ti ọ̀kan bọ́ sórí èkejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá dorí kọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìdè á tọ́. Bí wọ́n bá jọ kọjú síbì kan, á dagun.

Níbí ní Òṣogbo, tọrọ fọ́nrán sányán kan lọ́wọ́ àwọn àgbà. Ṣíìtì bẹ́tà ló kún inú rẹ̀, torí náà kì í fi bẹ́ẹ̀ nà: ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ti nà tẹ́lẹ̀. Irun orí, tó jẹ́ ti hélíìsì áfà, rin ín lómi kí o rọra fà á: á nà dáadáa, á sì sún padà.