Àárín wẹ́ẹ̀bù kì í sinmi

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ẹnjiníà, wẹ́dà wa fẹ́ lu ihò páìpù sí agbedeméjì wẹ́ẹ̀bù, irin tó dúró láàárín bíìmù onírin kan, nítòsí òpó. Ó ní àárín kò ṣe iṣẹ́ kankan. Bíìmù náà ga ní 300 mm, fílánjì rẹ̀, irin tó tẹ́ lókè àti nísàlẹ̀, fẹ̀ ní 200 mm, ó nípọn ní 15 mm. Wẹ́ẹ̀bù nípọn ní 10 mm. Ṣíà ibẹ̀, ìyẹn V, agbára tó fẹ́ gé bíìmù náà, jẹ́ 150 kN. Mo fi 3V/2A ṣírò, A ni àyè ojú irin tí a bá gé e, mo rí 26 MPa. Ṣé kò séwu?

Ìdáhùn: Ẹ ní kí wẹ́dà pa iná rẹ̀ ná. Iye tí ẹ rí kò tó ìdajì ohun tó wà níbẹ̀. Pákó àti irin onígun mẹ́rin tó kún dénú ni 3V/2A wà fún. Nínú bíìmù yín, fílánjì ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú irin náà, bẹ́ẹ̀ díẹ̀ báyìí ló ń gbé nínú ṣíà. Wẹ́ẹ̀bù ló ń gbé nǹkan bí 95 nínú 100.

Ọ̀rọ̀ wẹ́dà jẹ́ òótọ́ nípa títẹ̀ nìkan. Bí bíìmù bá tẹ̀, òkè á fún pọ̀, ìsàlẹ̀ á nà, àárín ò fún, kò sì nà. Àmọ́ ẹ fi ọkàn gé ègé tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára rẹ̀, bí ẹni gé búrẹ́dì. Títẹ̀ ojú ọ̀tún ègé yẹn kò bá ti òsì dọ́gba, torí náà agbára tó ń ti fílánjì òkè láti apá kan ju ti apá kejì lọ. Ìyàtọ̀ yìí fẹ́ yọ fílánjì kúrò lórí wẹ́ẹ̀bù. Wẹ́ẹ̀bù ló dì í mú. Bí ẹ bá ṣe ń sọ̀kalẹ̀, irin tó wà lókè ibi tí ẹ dé ń pọ̀ sí i, ìyàtọ̀ náà sì ń ga sí i títí dé àárín gan-an.

Ohun tí Q ń kà nìyẹn: àyè irin tó wà lókè ibi tí ẹ ń wò, ní ìlọ́po bí àárín rẹ̀ ṣe jìnnà sí àárín bíìmù. Ti fílánjì jẹ́ 200 × 15 × 142.5, ìyẹn 427,500 mm³. Ìdajì wẹ́ẹ̀bù fi 10 × 135 × 67.5 kún un, ó di 518,625 mm³. I bíìmù yín, ìwọ̀n bí ìrísí rẹ̀ ṣe ń kọ títẹ̀, jẹ́ nǹkan bíi 138.35 mílíọ̀nù mm⁴. Ó wá ku τ, ṣíà tó wà lórí mm² kọ̀ọ̀kan:

τ = VQ/(It)

Níbi tí wẹ́ẹ̀bù ti kan fílánjì, ẹ ó rí 46.3 MPa; ní àárín, 56.2 MPa. Ẹ ṣọ́ t o. Fífẹ̀ irin níbi tí ẹ gé gan-an ni, 10 mm. Ẹni tó bá fi 200, fífẹ̀ fílánjì, síbẹ̀ á rí 2.3 MPa níbi tí wẹ́ẹ̀bù ti kan fílánjì, á sì rò pé bíìmù ń ṣeré. Ẹ fi V pín gíga ní ìlọ́po nínípọn wẹ́ẹ̀bù, 150,000 ÷ (300 × 10), ẹ fi yẹ ara yín wò: 50 ni. Bí iye yín bá jìnnà sí i gan-an, ẹ ti ṣì í.

Tí ihò bá ti wọ̀ ọ́, fọ́múlà yìí ò kan ẹ̀gbẹ́ ihò mọ́. Ìṣírò tirẹ̀ wà lọ́tọ̀, ẹnjiníà tó fọwọ́ sí àwòrán ilé yín ló ni ín, torí èmi ò rí bíìmù náà. Bó bá jẹ́ pé ẹrù tó tẹ́ dọ́gba ló wà lórí rẹ̀, tí orí rẹ̀ méjèèjì kàn jókòó, ẹ bi í bóyá páìpù lè gba àárín gígùn rẹ̀ kọjá. Ibẹ̀ ni ṣíà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.