Ìlù òde àríyá àti wákàtí 20: ohun tí ojú mi rí lórí físà akẹ́kọ̀ọ́

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará, ìdílé àyàn ni wá níbí l'Ọ̀yọ́. Àbúrò mi ọkùnrin lọ kàwé másítà ní Ìlú Ọba, wọ́n ní wákàtí 20 péré ló lè fi ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀. Àwọn ará wa lọ́hùn-ún ń pè é kó wá lùlù lóde àríyá, ẹnì kan sì ní kó máa fi àkáǹtì òun gbé oúnjẹ kiri lórí kẹ̀kẹ́. Kí ló lè ṣe tí owó á fi wọlé tí físà rẹ̀ ò ní bàjẹ́?"

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àmójútó. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Oṣù Kẹsàn-án 2024 ni mo lọ kàwé másítà níbẹ̀ lórí irú físà kan náà, mo sì ti padà sílé. Ọ̀rọ̀ ìlù ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ló léwu jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ.

Ẹ ní kó má lọ. Wákàtí kọ́ ni ìṣòro ibẹ̀. Ẹni tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ eléré rárá, ì báà jẹ́ wákàtí kan lọ́sẹ̀. Òfin kan náà ló sọ pé kò gbọdọ̀ fi eré ìdárayá ṣiṣẹ́ ṣe, kò gbọdọ̀ gba iṣẹ́ alákòókò-kíkún tí kò lópin, kò sì gbọdọ̀ dá iṣẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n bá tiẹ̀ ní àwọn ò ní sanwó, pé owó tí èèyàn bá ná fún un lójú agbo ló máa kó lọ, ọ̀kan náà ni èmi ka ìyẹn sí. Mo mọ bí òde àwọn ará wa ṣe rí lọ́hùn-ún: kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, fídíò rẹ̀ ti wà lórí ayélujára, dùndún ní èjìká, owó lẹ́mọ̀ níwájú orí, orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sì ti wà lábẹ́ rẹ̀ kí àwọn mìíràn lè pè é. Kò sí ẹni tó máa wá ẹ̀rí kiri mọ́. Bó bá fẹ́ lùlù nínú ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ, gẹ́gẹ́ bí olùjọsìn, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́.

Ti kẹ̀kẹ́ yẹn ńkọ́? Àwọn tó ń gbé oúnjẹ kiri bẹ́ẹ̀, ara wọn ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún, kì í ṣe òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ ò lè ṣe é lórúkọ ara rẹ̀, áńbọ̀sì lórúkọ ẹlòmíràn. Kó jìnnà sí i pátápátá.

Ohun tó gba èmi là ni pé mo dẹ́kun bíbéèrè "irú iṣẹ́ wo ni?" mo sì ń béèrè "ta ló gbà mí síṣẹ́?" Bí iléeṣẹ́ kan bá kọ ọ́ sílẹ̀ bí òṣìṣẹ́, tó ń fún ọ ní ìwé owó oṣù, tó ń yọ owó orí rẹ kó tó sanwó (PAYE ni wọ́n ń pe ètò náà), iṣẹ́ yẹn lè bófin mu. Bí wọ́n bá ní kí o fúnra rẹ kọ ìwé owó ránṣẹ́ sí àwọn, tàbí kí o lọ forúkọ sílẹ̀ láti máa san owó orí fúnra rẹ, ara rẹ lò ń ṣiṣẹ́ fún, má gbà á. Ìbéèrè yìí ló jẹ́ kí n kọ iṣẹ́ ògbufọ̀. Wọ́n wá mi kí n máa tú Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn aláìsàn ní ọsibítù, iṣẹ́ tó dùn mọ́ mi gan-an. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń sanwó fún ọ̀pọ̀ ògbufọ̀, bí ẹni tó dá dúró ni. Irun dídì nínú yàrá, oúnjẹ sísè tà, aṣọ òfì tí a kó láti ilé lọ tà, ibì kan náà ni gbogbo wọn ń lọ. Iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà tí èèyàn ń ṣe fún oníbàárà rẹ̀ ní Nàìjíríà pàápàá kò yàtọ̀: ibi tí ara rẹ wà nígbà tó o ń ṣe é ni wọ́n ń wò. Mo ní ilé-ìwé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí mo ń bá tọ́jú ìkànnì wọn, mo gbé e fún àbúrò mi kí n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Wàyí o, wákàtí 20 yẹn. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ń ṣubú sí láìmọ̀, díẹ̀ ló sì kù kí n ṣubú síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí òfin ń kà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ó sì parí lọ́jọ́ Àìkú. Kì í ṣe pé kí a ro wákàtí oṣù pọ̀ ká wá fi mẹ́rin pín in. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló dá dúró, bí iṣẹ́ bá sì jẹ́ méjì, kí a ro wákàtí méjèèjì pọ̀ ni.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo rí, nípasẹ̀ ẹ́jẹ́ńsì kan, ilé ìtọ́jú arúgbó ni. Ṣíìfù alẹ́ ni, láti agogo 10 alẹ́ sí 8 òwúrọ̀, wákàtí 10 tí wọ́n sanwó rẹ̀ pé. Alẹ́ Ẹtì àti alẹ́ Àbámẹ́ta ni mo ń ṣe, wákàtí 20 géérégé. Lọ́sẹ̀ kan, akọ̀wé ẹ́jẹ́ńsì yẹn fi alẹ́ Àbámẹ́ta àti alẹ́ Àìkú ránṣẹ́ sí mi, ó ní kí n padà sí Ẹtì àti Àbámẹ́ta lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Lójú rẹ̀, 20 àti 20 ni. Ẹ wá bá mi kà á. Ní alẹ́ Àìkú, wákàtí méjì péré ló wà ṣáájú ọ̀gànjọ́ òru. Wákàtí mẹ́jọ tó kù ti bọ́ sí ọjọ́ Ajé, ìyẹn ọ̀sẹ̀ tuntun. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ 12, èkejì sì jẹ́ 8 àti 10 àti 10, ó di 28.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tí mo ń fi bírò kà á sẹ́yìn ìwé kan, tí àyà mi já. Mo pe akọ̀wé náà. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé wákàtí oṣù tí a rò pọ̀ tí a fi mẹ́rin pín ni wọ́n ń wò. Irọ́ ni. Mo fagi lé ṣíìfù Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ kejì yẹn, ó ku 18. Owó wákàtí tó kéré jù lọ nígbà náà jẹ́ £11.44, nítorí náà £114.40 ló lọ lọ́wọ́ mi, wọn ò sì tún pè mí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn le, ẹ̀gbọ́n. Gàárì àti ẹ̀wà tí ìyá mi dì fún mi láti ilé ni mo jẹ. Síbẹ̀, inú mi dùn pé mo kọ̀, torí iléeṣẹ́ tó ń gba owó orí, HMRC, ni gbogbo agbanisíṣẹ́ ń fi owó tí wọ́n san fún èèyàn ránṣẹ́ sí, ìjọba tó fúnni ní físà sì lè béèrè fún un. Ẹ ní kí àbúrò yín máa kọ wákàtí rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan lójoojúmọ́, kó sì pín alẹ́ Àìkú sí méjì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá iṣẹ́ nínú yunifásítì fúnra rẹ̀, òun ni mo sì máa sọ pé kí àbúrò yín kọ́kọ́ wá. Ilé-ìwé mọ òfin físà ju ẹ́jẹ́ńsì lọ, ètò orí kọ̀ǹpútà wọn kì í sábà jẹ́ kí o kọjá 20. Wọ́n ní ojúewé kan tí wọ́n ń gbé iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ sí: jíjókòó sí ilé ìkàwé lálẹ́, mímú àwọn òbí àti ọmọ káàkiri lọ́jọ́ àlejò, ṣíṣọ́ yàrá ìdánwò, kíkọ àkọsílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ìpèníjà ara. Kó máa wò ó láràárọ̀, torí iṣẹ́ náà kì í pẹ́ tán. Wákàtí 12 ni mo rí ní ilé ìkàwé, mo sì fi wákàtí 8 kún un níbi tí mo ti ń gbá ọ́fíìsì kan ní ìdájí.

Iṣẹ́ méjì yìí kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ owó orí. Owó tí èèyàn lè gbà lọ́dún láìsan owó orí jẹ́ £12,570, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń fi gbogbo rẹ̀ sí. Lórí ìwé owó iṣẹ́ kejì mi, mo rí lẹ́tà `BR` níbi tí wọ́n ń kọ kóòdù owó orí sí. Ó túmọ̀ sí pé kí wọ́n yọ 20% lára gbogbo owó náà láti pọ́n-ùn àkọ́kọ́. Nínú £91.52 tí mo ń gbà lọ́sẹ̀ níbẹ̀, bíi £18 ń lọ. Mo rò pé ẹni tó gbà mí síṣẹ́ ló ń rẹ́ mi jẹ, mo tilẹ̀ fẹ́ bá a jà, kó tó di pé ọmọ Ìbàdàn kan tí a jọ ń gbálẹ̀ ṣàlàyé fún mi. Ọdún owó orí wọn ń parí ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin. Gbogbo owó tí mo gbà kó tó di ọjọ́ náà kò sún mọ́ £12,570, nítorí náà owó mi ni wọ́n mú. Mo wọ `Personal Tax Account` lórí gov.uk, mo béèrè, wọ́n sì dá ohun tó lé ní £270 padà fún mi. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ń fi irú owó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láìbéèrè.

Ohun kan ṣì wà tí mo fẹ́ kí ẹ tètè sọ fún un. Ní oṣù Kẹfà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dìgírì àkọ́kọ́ á lọ ìsinmi, wọ́n á sì máa ṣiṣẹ́ iye wákàtí tó bá wù wọ́n, torí sáà ẹ̀kọ́ ni òfin wákàtí 20 wà fún. Ó máa rí wọn, á rò pé ìsinmi ti dé fún òun náà. Fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ másítà, àsìkò tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ ìwádìí wọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ṣì jẹ́ sáà ẹ̀kọ́, wákàtí 20 náà ni títí di ọjọ́ tí kọ́ọ̀sì parí lórí ìwé. Kó gba lẹ́tà ọjọ́ sáà àti ọjọ́ ìsinmi tirẹ̀ lọ́wọ́ ilé-ìwé. Agbanisíṣẹ́ máa béèrè rẹ̀ náà, pẹ̀lú `share code` tó fi ń hàn pé ó lẹ́tọ̀ọ́ sí iṣẹ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ tí kọ́ọ̀sì bá parí, ó lè ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20 lọ títí físà yẹn á fi tán, ṣùgbọ́n kò tíì lè ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀, kò sì tíì lè lùlù gbowó. Físà tí wọ́n ń pè ní Graduate ló máa tú u sílẹ̀. Kó wà ní Ìlú Ọba, kí ilé-ìwé ti fi tó ìjọba létí pé ó yege, kó sì béèrè kí físà akẹ́kọ̀ọ́ tó tán. Ọdún méjì ni wọ́n ń fún ẹni tó ka másítà. Ẹni tó bá béèrè láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2027 lọ, oṣù 18 ni. Ọjọ́ tí wọ́n bá fọwọ́ sí i, kó gbé dùndún rẹ̀ kọ́ èjìká, kó sì gba òde tó bá wù ú. Ní báyìí ná, ẹ bi í pé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, láti Ajé dé Àìkú, wákàtí mélòó ló ṣe.