Èròńgbà ẹ̀kọ́ ni ojú wọn kọ́kọ́ ń lọ

"Ẹ̀yin àgbà tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, súpáfáísọ̀ ń bọ̀ wá wò mí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìṣirò Praimárì 4 ni mo máa kọ́, àròpọ̀ ìdá. Kí ni wọ́n máa ń wò gan-an nínú nóòtì ẹ̀kọ́?"

Àbúrò mi, orí nóòtì kò le: ọjọ́, kíláàsì, iye ọmọ, ọjọ́ orí wọn, àkókò, àkòrí, ìwé tó o lò. Tẹ̀ lé bí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ ṣe ń tò ó, kó o sì kọjá síbẹ̀. Èròńgbà ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti ń fìyà jẹ èèyàn. Wọ́n á fi báírò pupa kọ ọ́ pé èròńgbà kò ṣeé wọ̀n, wọ́n á yọ máàkì, wọ́n á sì wọ mọ́tò lọ láìsọ èyí tó yẹ kó o kọ. Títí dòní ni ó ń bí mi nínú, nítorí ohun tí èèyàn lè fi ìṣẹ́jú márùn-ún ṣàlàyé ni.

Bó o bá kọ pé "akẹ́kọ̀ọ́ yóò lóye àròpọ̀ ìdá", kò sẹ́ni tó lè fojú rí òye. Ohun tí ọmọ máa ṣe tí a ó rí, tàbí tí ó máa sọ tí a ó gbọ́, ni kó o kọ. Fún ẹ̀kọ́ tìrẹ yìí, mẹ́ta tó fún ìṣẹ́jú 40. Ní òpin ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè fi pépà tí a ká sí ọ̀nà 8 ṣàfihàn 3/8 + 2/8; yóò lè gba ó kéré tán 4 nínú ìbéèrè 5 lórí ìdá tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ wọn jọra; yóò sì lè sọ ìdí tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ kì í fi í yí padà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nìyí: súpáfáísọ̀ tó mọṣẹ́ á mú èròńgbà kọ̀ọ̀kan, á wá ìgbésẹ̀ tó o ti kọ́ ọ, lẹ́yìn náà á wá ìbéèrè rẹ̀ nínú ìgbéléwọ̀n. Ẹni tó kọ èròńgbà mẹ́ta lè fi àròpọ̀ márùn-ún péré ṣe ìgbéléwọ̀n. Kò sí pépà níbẹ̀, kò sí "kí nìdí" níbẹ̀, èròńgbà méjì ti di òfo nìyẹn. "Ṣé ó yé yín?" kì í sì í ṣe ìgbéléwọ̀n, torí gbogbo kíláàsì ló máa dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ní ìmọ̀ àtẹ̀yìnwá, má kọ pé àwọn ọmọ ti jẹ ọsàn rí. Kọ ohun tí ẹ̀kọ́ òní dúró lé lórí, pé wọ́n lè ka 3/8, wọ́n sì mọ ohun tí nọ́ńbà òkè àti ti ìsàlẹ̀ ń sọ. Ìyẹn náà ni kó o fi béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn nígbà tó o bá ń bẹ̀rẹ̀.

Nínú àwọn ìgbésẹ̀, bó o bá kọ "tíṣà ṣàlàyé" àti "akẹ́kọ̀ọ́ tẹ́tí sílẹ̀" láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n á ti mọ̀ pé ìwọ nìkan lo máa sọ̀rọ̀. Kọ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ: méjì méjì, wọ́n ká pépà sí méjì lẹ́ẹ̀mẹta kó lè di ọ̀nà 8, wọ́n kun 3, wọ́n fi àwọ̀ mìíràn kun 2, wọ́n ka 5. Kọ àṣìṣe tó dájú pé yóò wáyé pẹ̀lú, pé àwọn kan á ro òkè pọ̀, wọ́n á ro ìsàlẹ̀ pọ̀, wọ́n á ní 5/16. Kọ ohun tó o máa ṣe sí i: kí wọ́n tún pépà náà ká lẹ́ẹ̀kan sí i, kó di ọ̀nà 16. Wọ́n á rí i pé 3/8 tí wọ́n kọ́kọ́ kùn ti gba ọ̀nà 6 nínú 16. Báwo ni a ṣe máa fi nǹkan kún un kó wá di 5? Ọ̀pọ̀ nóòtì ni kì í ní ìlà yìí, bẹ́ẹ̀ òun ló ń fi hàn pé o mọ àwọn ọmọ tó o fẹ́ kọ́.

Ro ìṣẹ́jú gbogbo ìgbésẹ̀ pọ̀. Mo ti rí nóòtì ìṣẹ́jú 40 tí àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 55.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń da nóòtì kọ láti orí fóònù, ẹ ṣọ́ra o. Ìwé tí kò sí lọ́wọ́ yín ló máa ń wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwé ìtọ́kasí, ohun èlò ìkọ́ni tí kò sí ní kíláàsì náà ń bẹ níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ sì lè má bá ìlànà iṣẹ́ ilé-ìwé yín mu. Nǹkan mẹ́ta yìí ni wọ́n ń fi mú yín. Bó o bá kọ pépà sílẹ̀, gé e kalẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ó pọ̀ ju iye ọmọ lọ díẹ̀, torí àwọn kan á ká tiwọn wọ́.

Fún ọ̀gá ilé-ìwé ní nóòtì náà kó fọwọ́ sí i kó o tó kọ́ ẹ̀kọ́. Bí ọjọ́ ìfọwọ́sí bá jẹ́ ọjọ́ kejì ẹ̀kọ́, wọ́n á béèrè ẹni tó gbà ọ́ láyè láti kọ́ ọ.