Ìkànnì fídíò fún aránṣọ: ẹ mú àbùkù aṣọ, ẹ fi àṣà aṣọ sílẹ̀

Ìbéèrè: "Ẹ jọ̀ọ́, aránṣọ obìnrin ni mí ní Ìbàdàn, ó ti lé ní ọdún 10 tí mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi. Mo fẹ́ ṣí ìkànnì fídíò lórí YouTube. Ṣé kí n máa fi oríṣiríṣi aṣọ hàn ni, àbí kí n mú ẹ̀ka kan? Ẹ̀ka wo ló ń mówó wọlé? Kámẹ́rà wo sì ni kí n rà?"

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ mú ẹ̀ka kan, kí ó sì kéré ju bí ẹ ti ń rò ó lọ. "Aṣọ rírán" kì í ṣe ẹ̀ka, "aṣọ obìnrin" pàápàá ṣì fẹ̀ jù. Ẹ̀ka tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni títún àbùkù aṣọ ṣe, ìyẹn aṣọ tó ń fún, tó ń gùn sókè, tó ń fà lẹ́yìn, tí ẹni tó rán an kò sì mọ ibi tí àṣìṣe ti wọlé. Àwọn tí ẹ ó máa bá sọ̀rọ̀ ni àwọn aránṣọ ẹgbẹ́ yín, àti ní pàtàkì, àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríìdọ̀mù, tí wọn kò ní ọ̀gá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ tí wọ́n lè bi.

Ohun tí ojú mi rí ló ń jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ báyìí. Ọkùnrin kan tó ń pe ara rẹ̀ ní onímọ̀ gba owó lọ́wọ́ àwa aránṣọ bíi mélòó kan, ó ní òun yóò kọ́ wa bí a ṣe ń kọ́ ìkànnì. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé ibi tí èrò pọ̀ sí ni kí a lọ. Ó ní kí a máa ṣa àwòrán àṣà aṣọ ẹbí jọ láti orí ẹ̀rọ ayélujára, kí a tò wọ́n tẹ̀léra, kí a fi orin sí i, kí a sì máa gbé e jáde lójoojúmọ́. Lóòótọ́, èrò wá. Ṣùgbọ́n ta ni èrò náà? Àwọn obìnrin tó ń wá àṣà tí wọn yóò mú lọ fún aránṣọ tiwọn ni. Wọ́n á wo àwòrán kan fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, wọ́n á yà á sórí fóònù, wọ́n á sì kọjá. Kò sí èyí tó kàn wọ́n nínú ẹni tó mú sísọ́ọ̀sì dání. Ọjọ́ tí mo gbé fídíò jáde lórí bí a ṣe ń gé aṣọ, àwọn èrò yìí kan náà ni wọ́n fò ó kọjá. Bí àwọn tó ti mọ ìkànnì bá sì ń fo fídíò rẹ̀ kọjá, ìkànnì ọ̀hún kì í tètè rí ẹni tuntun, torí pé ohun tí ẹ̀rọ rí pé èrò ń dúró wò ló ń gbé fún ẹlòmíràn.

Ibi tó dùn mí jù ni ẹnu ọ̀nà owó. Kí wọ́n tó lè máa san owó ìpolówó fún yín, ẹ gbọ́dọ̀ ní ẹgbẹ̀rún kan alábàápín, kí àwọn èèyàn sì ti wo fídíò yín fún wákàtí 4,000 láàárín oṣù 12 tó kọjá, tàbí kí fídíò kúkúrú, èyí tí wọ́n ń pè ní Shorts, ti ní mílíọ̀nù 10 ìwò láàárín ọjọ́ 90. Wákàtí tí èèyàn fi wo Shorts nígbà tó ń fi ìka tì í sókè kì í wọ inú wákàtí 4,000 yẹn. Ọkùnrin náà kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Lẹ́yìn iye wọ̀nyí, wọ́n tún máa ń yẹ ìkànnì wò, bí ohun tó wà níbẹ̀ bá sì jẹ́ àwòrán ẹlòmíràn tí a kàn tò jọ láìfi ọgbọ́n tiwa kún un, ohun tí a óò rí lójú ẹ̀rọ ni Reused content, owó kò sì ní wọlé. Ohun tí mo rí nìyẹn. Nígbà tí a padà lọ bá ọkùnrin yìí, ohun tó sọ ni pé kí a ṣí ìkànnì tuntun, kí a sì tún san owó ẹ̀kọ́ kejì. Inú mi ṣì ń ru bí mo ṣe ń kọ ọ́, nítorí pé àwọn ìyàwó ilé tó yá owó wà nínú wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má san kọ́bọ̀ fún ẹni tí kò lè fi ìkànnì tirẹ̀ hàn yín lórí iṣẹ́ ọwọ́ kan pàtó.

Ẹ jẹ́ kí n mú àbùkù kan ṣoṣo kí ẹ lè rí ohun tí mo ń wí. Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu oníbàárà rí: "Bùláòsì mi ń fún mi lábẹ́ abíyá, bí mo bá sì gbé ọwọ́ sókè láti wé gèlè, gbogbo rẹ̀ á gùn tẹ̀lé mi, á sì yọ kúrò nínú ìró." Ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ máa ń ṣe ni pé wọ́n á mú sísọ́ọ̀sì, wọ́n á tún gbẹ́ ihò apá náà jìn sí i. Aṣọ á dàbí ẹni pé ó tu oníbàárà lára bó bá rọ ọwọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá gbé ọwọ́, ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé ibi tí apá aṣọ ti pàdé ara aṣọ ti sọ̀ kalẹ̀ jìnnà sí abíyá, nítorí náà bí ọwọ́ bá ti ń lọ sókè, ẹ̀gbẹ́ aṣọ ni ó ń fà dání. Ihò apá tó sún mọ́ abíyá dáadáa ni ọwọ́ máa ń rìn nínú rẹ̀ láìfa aṣọ.

Nínú fídíò, ẹ fi bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n hàn ní ojúkojú. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó wọ aṣọ náà dúró bí ẹni tó ń wé gèlè, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí etí ìsàlẹ̀ bùláòsì dé kó tó gbé ọwọ́ àti ibi tó dé lẹ́yìn náà, kí ẹ sì na téèpù sí àárín àmì méjèèjì kí olùwòran lè kà á. Lẹ́yìn náà, ẹ fi rúlà há a lábẹ́ abíyá kí ó dúró gbọọrọ, kí ẹ wọn láti orí èjìká wá sórí rúlà. Ká ní ó jẹ́ íǹṣì 8. Bí a bá fi ìdajì íǹṣì sí íǹṣì kan kún un fún ìrọ̀rùn, ihò apá kò yẹ kó jìn ju 9 lọ. Bí ẹ bá wá wọn ti aṣọ tí ẹ bá rí íǹṣì 10 àti ààbọ̀, àbùkù náà ti fara hàn, kò sí àríyànjiyàn mọ́.

Aṣọ tí a ti gé kúrò kò ṣeé dá padà, ẹ sì gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ọ̀nà méjì ló kù. Bí ọrùn bá fẹ̀ tó, ẹ tú èjìká, ẹ fa ara aṣọ sókè díẹ̀ kí ẹ tó rán an padà, ṣùgbọ́n ọrùn náà á gòkè pẹ̀lú rẹ̀, ẹ ó sì tún un gé. Bí kò bá ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ tú abẹ́ abíyá, ẹ gé aṣọ onígun mẹ́rin kékeré tó tó íǹṣì 3 tàbí 4 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ gé e ní ìdagẹ̀rẹ̀ aṣọ kó lè máa nà, kí ẹ sì rán an sí ibẹ̀. Bí ó bá jẹ́ léèsì tí kò ṣẹ́kù, ẹ lo aṣọ inú tó bá àwọ̀ rẹ̀ mu. Lẹ́yìn èyí, ẹ tún jẹ́ kí ó gbé ọwọ́, kí ẹ sàmì tuntun bíi ti àkọ́kọ́, kí ẹ sì na téèpù sí àárín àmì tuntun méjèèjì. Téèpù ìkẹyìn yìí ni àwọn aránṣọ á fi gbà yín gbọ́. Ẹ má gbàgbé láti sọ ìgbà tí ihò apá fún lóòótọ́: bí aṣọ bá fi ojú ilà pupa sí abẹ́ abíyá nígbà tí ọwọ́ wà nílẹ̀, ó fún, a sì lè gbẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin íǹṣì kúrò, kí a tún wò ó.

Ẹ wá wo bí ẹ̀ka yìí kò ṣe lè gbẹ. Àbùkù kan náà lórí léèsì yàtọ̀ sí ti àńkárá. Ó yàtọ̀ bí apá aṣọ bá wú lókè, ó yàtọ̀ lára ẹni tí apá rẹ̀ sanra, ó sì yàtọ̀ lára ìyálọ́mọ tí àyà rẹ̀ ń yí padà. Ẹ tún ní ẹ̀yìn ṣòkòtò tó ń fà, ọrùn tó ń là sílẹ̀, àti síìpù tó ń rú. Ìwé tí ẹ fi ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sílẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: ohun tí wọ́n fi ń dá aṣọ padà ni àkọlé yín. Ẹ tẹ `armhole` sínú àpótí ìwárí YouTube, kí ẹ wo àwọn gbólóhùn tó gbé jáde, torí pé ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ń tẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi í sínú àkọlé, kí ẹ sì máa fi Yorùbá ṣàlàyé nínú fídíò.

Bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé ẹ̀ka náà ti mú: nínú YouTube Studio, ẹ wo ibi tí èrò ti ń wá. Bí YouTube search bá ń pọ̀ sí i lórí fídíò tó ti pẹ́, a jẹ́ pé ìṣòro tí èèyàn ń wá kiri ni ẹ mú. Ní tèmi, fídíò ihò apá kò dà bí ohun kan ní oṣù àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n òun ni èrò ń wò títí di òní, nígbà tí àwọn àwòrán aṣọ ẹbí yẹn ti kú pátápátá. Ẹ ṣe é gùn tó ìṣẹ́jú 8 bí ọ̀rọ̀ bá gbà á, nítorí pé láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbà kí ìpolówó wọ àárín fídíò. Ṣùgbọ́n owó tí mo rí gan-an, ọwọ́ àwọn aránṣọ tó ní kí n gé pátánù ihò apá fún wọn ló ti wá, kì í ṣe ọwọ́ ìpolówó.

Ti kámẹ́rà, fóònù yín ti tó. Ẹ so ó mọ́ òkè tábìlì, kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé wá láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ lo òwú funfun lórí aṣọ dúdú, kí ẹ sì dá máṣíìnì dúró kí ẹ tó sọ̀rọ̀.

Ẹ má fi orin olórin sí i rárá. Bí owó yín bá sì ti dé dọ́là 10, lẹ́tà kan láti ọ̀dọ̀ Google, tó ń san owó ìpolówó náà, á máa bọ̀ ní àdírẹ́sì yín pẹ̀lú nọ́ńbà ìdánimọ̀. Ẹ kọ àdírẹ́sì tí lẹ́tà lè dé, kì í ṣe "ẹ̀yìn mọ́sálásí". Tèmi wà nínú àpò ní ilé ìfìwéránṣẹ́ kan, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń sọ fún mi pé kò tíì dé, títí ọmọ mi fi bá wọn tú àpò náà. Bí oṣù mẹ́rin bá kọjá tí ẹ kò tíì tẹ nọ́ńbà náà wọlé, ìpolówó á dúró. Bí lẹ́tà kò bá dé lẹ́yìn tí ẹ ti tún béèrè, wọ́n máa ń gba káàdì ìdánimọ̀ dípò rẹ̀.