Gbó àti tọ́ nínú àdúrà àwọn àgbà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Gbogbo ìnáwó tí mo bá lọ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, àwọn àgbà á ṣàdúrà pé "Ẹ ó gbó, ẹ ó tọ́." Ṣé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ lẹ́ẹ̀mejì ni, àbí gbó yàtọ̀ sí tọ́?

Ìdáhùn: Ó yàtọ̀, ọmọ mi. Ọ̀dọ̀ àwọn aláṣọ ní Balógun ni ìyàtọ̀ náà ti yé mi. Tí o bá ra aṣọ tuntun, wọ́n á ní "Wàá lò ó gbó." Ìyẹn ni pé kí ẹ̀mí rẹ gùn débi tí aṣọ náà yóò fi ṣá sí ọ lára. Àmọ́ nígbà tí o ṣì ń ná an, tí o ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò, ohun tí aláṣọ á sọ ni pé "Aṣọ yìí tọ́jọ́." Ó fẹ́ kó o mọ̀ pé bí o ti ń fọ̀ ọ́ tí o ń sá a, kò ní tètè ya, àwọ̀ rẹ̀ ò sì ní tètè ṣí. Aṣọ kan lè wà nínú àpótí fún 20 ọdún kó má sì ṣeé wọ̀ mọ́. Ó gbó, ṣùgbọ́n kò tọ́.

Bí èmi ṣe ń gbọ́ àdúrà náà nìyẹn: gbó ni iye ọdún, tọ́ ni bí ara yóò ṣe le tó nínú àwọn ọdún ọ̀hún. Àwọn kan á sọ pé ẹwà èdè lásán ni, pé Yorùbá fẹ́ràn kí ọ̀rọ̀ máa rìn ní méjì-méjì. Mi ò bá wọn jiyàn lórí ẹwà. Ṣùgbọ́n wo bí a ṣe ń kí ara wa: kò sẹ́ni tó ń béèrè pé "Ọdún mélòó lo ti lò láyé?" "Ṣé ara le?" là ń béèrè.

Nọ́ọ̀sì ni mí, Èbúté Mẹ́ta ni mò ń gbé, mo sì ti fi ọdún púpọ̀ tọ́jú àgbàlagbà. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ dá ìbéèrè rẹ lóhùn gan-an ni pé àwọn tó ń ṣírò ìlera aráyé náà ní gbó tiwọn, wọ́n sì ní tọ́ tiwọn. Gbó tiwọn ni iye ọdún tí a lè retí pé ọmọ tí a bí lónìí yóò lò, bí ikú bá ń pa èèyàn ní ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń pa wọ́n báyìí. Tọ́ tiwọn ni iye ọdún tí ọmọ náà lè lò nínú ìlera pípé. Lọ́dún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé àkọ́kọ́ jẹ́ bí ọdún 73 ní gbogbo ayé, èkejì sì jẹ́ bí 63 àbọ̀. Àlàfo àárín méjèèjì lé ní ọdún 9. Lọ́dún 2000, ọdún 8 àbọ̀ ni àlàfo náà. Ìyẹn ni pé gbó àti tọ́ ń gùn sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbó ń sáré ju tọ́ lọ. Lára àwọn obìnrin ni àlàfo yẹn ti fẹ̀ jù, nítorí wọ́n ń pẹ́ láyé ju ọkùnrin lọ, wọ́n sì ń gbé àìsàn rìn pẹ́.

Jẹ́ kí n yọ àṣìṣe kan kúrò lọ́nà kí n tó tẹ̀ síwájú. Tí o bá gbọ́ pé iye ọdún tí a lè retí ní Nàìjíríà kéré, má ṣe rò pé orí ọjọ́ orí yẹn ni àwọn àgbà wa ti ń kú. Bí ọmọ kan bá kú lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, tí èkejì sì lo 80 ọdún, 40 ni ìṣirò wọn yóò pa pọ̀ jẹ́, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹnì kankan tó kú ní 40. Ikú àwọn ọmọdé ló ń fa iye náà wálẹ̀ jù. Nínú ìwádìí ìjọba lórí ìdílé lọ́dún 2018, 132 nínú ọmọ 1,000 ni kò pé ọdún 5. Nínú ti 2023 sí 2024, ó ti wálẹ̀ sí 110. Ó ṣì pọ̀ jù, ṣùgbọ́n bó ṣe ń dín kù bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń dàgbà yóò máa pọ̀ sí i.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣírò tọ́? Ọ̀nà tí olùwádìí kan tó ń jẹ́ Sullivan gbé jáde lọ́dún 1971 ni ọ̀pọ̀ ń tọ̀. Ká ní èèyàn 100 ló pé 60 ọdún ládùúgbò kan, tí gbogbo wọn sì wà láàyè di 65. Ọdún 500 ni wọ́n jọ lò. Wọn á wá wo àìsàn tó wà lára wọn. Àìsàn kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n, láti 0 tó jẹ́ ìlera pípé títí dé 1 tó dọ́gba pẹ̀lú ikú. Bí gbogbo ohun tó ń ṣe wọ́n bá kó ìdá kan nínú márùn-ún ìlera wọn lọ, ọdún 400 ni wọn á kọ sílẹ̀. Wọn á ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ọjọ́ orí, wọn á sì ro ó pọ̀. A kì í ṣe é fún ẹnì kan ṣoṣo, nítorí náà àpẹẹrẹ lásán ni ohun tí mo fẹ́ fi àwọn aládùúgbò mi mẹ́ta ṣe yìí.

Ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ awakọ̀ dánfó. Kò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ òun ń ru, torí ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun èèyàn. Rọpárọsẹ̀ kọlù ú ní 61. Wọ́n sáré gbé e dé ilé ìwòsàn, àwọn dókítà sì dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Ó tún lo ọdún 9, ṣùgbọ́n apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ ò sì já gaara lẹ́nu rẹ̀. Ìwọ̀n rọpárọsẹ̀ tó le bẹ́ẹ̀ jẹ́ 0.552. Nínú ọdún 9, ọdún 5 ló bá a lọ, nǹkan bí 4 ló kù. Ó gbó sí i, àlàfo sì fẹ̀ sí i. Àwọn dókítà kò ṣe àṣìṣe kankan o. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í sábà pẹ́ kó tó kú. Àṣeyọrí ilé ìwòsàn gan-an ló ń bí àwọn ọdún tó nílò ìtọ́jú wọ̀nyí.

Ìyá aláta kan ni ẹnì kejì. Nǹkan funfun bí ìkùukù bo ẹyin ojú rẹ̀ méjèèjì títí kò fi rí ọ̀nà mọ́, láti 66 títí di 72. Ohun tó ń fọ́ ojú èèyàn jù lórílẹ̀-èdè yìí nìyẹn. Ìwọ̀n ojú tó fọ́ jẹ́ 0.187, nítorí náà ó pàdánù ọdún kan ó lé díẹ̀ nínú mẹ́fà. Nígbà tí owó iṣẹ́ abẹ jọ, wọ́n ṣe ojú kan, wọ́n fi awò kékeré sínú rẹ̀, ó sì padà sílé lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ wọ́n ṣe èkejì. Kò sẹ́ni tó fi ọdún kan kún gbó rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Tọ́ ni wọ́n dá padà fún un. Ìdí tí ọ̀rọ̀ irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ fi ń dùn mí nìyí: bí ìjọba bá ń wo iye ọdún nìkan láti mọ ètò ìlera tó ń ṣe dáadáa, iṣẹ́ yìí kò ní hàn nínú ìwé wọn rárá.

Kí n má pa irọ́, ìwọ̀n wọ̀nyí ní àléébù. Ara nìkan ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo ilé. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì ni awakọ̀ yẹn ń gbé, ilé àtijọ́ tí àtẹ̀gùn rẹ̀ ga, tó sì há. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e gòkè, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo mọ̀ pé ó sọ̀ kalẹ̀. 0.552 kan náà ni wọn á kọ fún ẹni tó ń gbé ilé ilẹ̀ tó sì ní kẹ̀kẹ́ arọ.

Ta ló wá ń tọ́jú rẹ̀? Ọmọ rẹ̀ obìnrin. Yorùbá ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Lórí òwe yẹn ni ètò ìtọ́jú àgbàlagbà wa dúró sí títí di òní. Ọmọ yìí pa ìsọ̀ rẹ̀ tì fún ọdún 9 láti máa wẹ baba, láti máa yí i lórí ibùsùn kí egbò má bàa bẹ́ sí i nídìí. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń ṣe, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ, kò sẹ́ni tó sanwó fún un. Àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì wà lókè òkun.

Àwọn ilé ìlera alábọ́dé tó wà ní àdúgbò wa, nǹkan mìíràn ni wọ́n torí ẹ̀ kọ́ wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó jẹ́ onímọ̀ ìtọ́jú ọmọdé ní Ìdí-Àràbà kó tó di mínísítà ìlera láti 1985 sí 1992, ló gbé irú ètò náà ga: abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìtọ́jú aboyún, omi iyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì bọlá fún un. Ṣùgbọ́n káàdì àjẹsára ọmọ ọwọ́ ń parí láàárín ọdún méjì. Káàdì ẹ̀jẹ̀ ríru kì í parí. Ó ń fẹ́ kí aláìsàn máa wá lóṣooṣù fún 20 ọdún, kó bá ẹ̀rọ tó ń wọn ìfúnpá níbẹ̀, kó bá oògùn kan náà tó lò lóṣù tó kọjá. Ibẹ̀ ló ti ń bà jẹ́ fún wa. Nínú 100 èèyàn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru ní Nàìjíríà, iye tí wọ́n fojú bù pé ìfúnpá wọn wà ní ìkáwọ́, ìyẹn ní ìsàlẹ̀ 140 lórí 90, kò tó 3. Lẹ́yìn náà, nínú gbogbo owó tí a ń ná sí ìlera nílùú yìí, ó lé ní 70 nínú 100 tó ń ti àpò aláìsàn fúnra rẹ̀ jáde. Ẹni tó bá ṣubú lulẹ̀, ẹbí á dáwó jọ fún un. Oògùn oṣooṣù fún ẹni tó ṣì ń rìn kiri kì í mú ẹnikẹ́ni dáwó.

Aládùúgbò mi kẹta nìyẹn, ìyá kan tó ń ránṣọ. Láti 58 ló ti mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ òun ń ru, torí pé ó tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ tó lóyún lọ sí ilé ìlera, mo sì wọn ìfúnpá tirẹ̀ náà. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń lo oògùn. Ó ti pé 72 báyìí, ó ṣì ń fi okùn bọ abẹ́rẹ́, ó ń gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ fúnra rẹ̀. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun nìkan ni ìtọ́jú fi kún gbó rẹ̀ tí tọ́ rẹ̀ kò sì gbẹ́yìn, òun sì ni ìtọ́jú rẹ̀ rọrùn jù: kò lo bẹ́ẹ̀dì, kò sùn ilé ìwòsàn rí nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Lóṣù tó kọjá ó bi mí bóyá òun lè máa lo oògùn náà lọ́jọ́ kan, kí òun fo ọjọ́ kejì, nítorí owó rẹ̀ ti lọ sókè. Mo ní rárá. Mo bá a ka èyí tó kù nínú páálí rẹ̀. Ó ku 11.