Ta Ni Engr Wale?

*Ẹ kú iṣẹ́, mà. Fóònù kékeré alátọ́ọ̀ṣì ni màmá àgbà mi ń lò ní Ìsẹ́yìn. Mo ti séèfù nọ́ńbà mi síbẹ̀, "Engr Wale Ibadan", mo sì ti ṣe é lójú wọn lẹ́ẹ̀mẹta bí wọ́n ṣe máa pè mí padà. Síbẹ̀, tí wọn ò bá gbé ìpè mi, ó parí nìyẹn. Tí mo bá tún pè, wọ́n á ní, "Àkànní, mi ò mọ̀ pé ìwọ ni." Wọ́n sì ń ka Bíbélì wọn geere o. Ṣé kí n ra fóònù ńlá fún wọn ni? Wálé, Ìbàdàn.*

Ta ni Engr Wale? Màmá àgbà kò mọ̀ ọ́n. Àkànní ni wọ́n gbé pọ̀n, ìwọ wá lọ kọ oyè iṣẹ́ rẹ sínú fóònù wọn bí ẹni ń kọ pátákó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Ká ní wọ́n tiẹ̀ wá ọ nínú Contacts, abẹ́ A ni wọ́n máa wò. Abẹ́ E lo sá sí.

O tún ní o "ṣe é lójú wọn". Ọwọ́ ta ló ń tẹ bọ́tìnì? Ọwọ́ rẹ ni, ó sì ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Èmi náà bínú sí ìyá mi títí kí n tó rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bí "1 missed call" bá ti yọ lójú fóònù, pupa ni wọ́n ń tẹ̀ kó lè kúrò, wọ́n sì gbà pé ìpè náà ti bá a lọ. Mo ní kí wọ́n tẹ aláwọ̀ ewé. Wọ́n wò mí: "Ṣebí èyí tí a fi ń gbé e nìyẹn? Ta ló ń pè báyìí tí mo fẹ́ gbé?" Ẹnu ò gbà mí láti dáhùn. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn rí pé bọ́tìnì kan náà la fi ń gbé ìpè, òun la fi ń wo àwọn tó pè, òun náà la fi ń pè wọ́n.

Lọ sí Ìsẹ́yìn. Pa Engr yẹn rẹ́. Pe nọ́ńbà wọn, jẹ́ kó dún díẹ̀, kí o gé e, kí o wá fi ọwọ́ rẹ sábẹ́ itan. Wọ́n á tẹ bọ́tìnì òsì lókè, níbi tí View wà, nọ́ńbà rẹ á jáde láìní orúkọ. Ibẹ̀ ni kí wọ́n ti séèfù rẹ̀: Options, lẹ́yìn náà Save tàbí Add to contacts. Má jẹ́ kí wọ́n tẹ nọ́ńbà mọ́kànlá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan péré tó bá ṣì, ẹlòmíì ni wọ́n máa jí lóru. Tí fóònù bá bi wọ́n ní ibi tí kó fi í sí, SIM ni kí wọ́n mú, kó lè tẹ̀ lé wọn bí fóònù bá bàjẹ́.

Orúkọ ló kù. 2 lẹ́ẹ̀kan fún A, 5 lẹ́ẹ̀mejì fún K, 2 lẹ́ẹ̀kan, 6 lẹ́ẹ̀mejì fún N. Ibí ni wàhálà wà, torí N méjì ló tẹ̀ lé ara wọn. Tí wọn ò bá dúró díẹ̀ kí wọ́n tó tẹ ìkejì, àwọn ìtẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á pa pọ̀, á sì di 6. Bó bá ń ni wọ́n lára, N kan tó. Wọ́n á mọ ọmọ wọn. 4 lẹ́ẹ̀mẹta fún I, ó parí.

Tún fi fíláàṣì kàn wọ́n. Lọ́tẹ̀ yìí, jẹ́ kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ tẹ pupa, kí ìfitónilétí náà pòórá. Kí wọ́n wá tẹ aláwọ̀ ewé lẹ́ẹ̀kan: Akanni á wà lókè. Kí wọ́n kà á kí wọ́n tó tẹ aláwọ̀ ewé lẹ́ẹ̀kejì, torí tí ará ṣọ́ọ̀ṣì bá pè lẹ́yìn rẹ, òun ló máa wà lókè. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ dán èyí wò fúnra rẹ o. Lórí àwọn fóònù kan, àwọn tí èèyàn pè jáde nìkan ni aláwọ̀ ewé ń fi hàn. Irú ìyẹn, inú Call logs ni wọ́n máa gbà dé Missed calls.

Fóònù ńlá? Fi owó rẹ sápò. Fi díẹ̀ níbẹ̀ ra káàdì sí fóònù wọn, torí bí owó bá tán níbẹ̀, ohùn obìnrin kan ló máa dá wọn lóhùn lédè òyìnbó, wọ́n á sì rò pé ìwọ lo kọ̀ tí o ò gbé e.

Tí o bá padà dé Ìbàdàn, fi fíláàṣì kan ránṣẹ́, kí o má tún pè. Ó lè tó wákàtí kan. Wọ́n lè ṣì wà lẹ́yìnkùlé tí wọ́n ń sá ẹ̀lùbọ́.